Ẹ Mú Àwọ̀ Yín Kí Aago Mẹ́jọ Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú Tó Lù

Ẹni tó bá ti ṣe kòkáárí aṣọ ẹbí rí mọ̀ pé ọjà kọ́ ló máa ń le jù níbẹ̀. Ẹni tó mọ Gbági ní Ìbàdàn tàbí Balógun ní Èkó dáadáa á rí léèsì tó dára rà. Èyí tó le ni kí ogójì èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tó wà nínú gúrúùpù Wásáàpù kan mú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n mú un lásìkò, kí wọ́n má sì yí i padà lẹ́yìn tí owó bá ti dé ọwọ́ ọlọ́jà.

Ní ọdún 2025, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣe ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, èmi sì ni ẹbí fa aṣọ lé lọ́wọ́. Mo fẹ́ kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀, nítorí ní gbogbo ibi tí mo ti rí i kí aṣọ ẹbí di ìjà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló máa ń dá a sílẹ̀. Wọ́n á ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ àwọ̀ yín," gbogbo èèyàn á ní àwọn ti gbọ́, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí ẹni tó ń kó aṣọ jọ bá wá fọhùn, wọ́n á ní ó ń kanra mọ́ àgbà.

Ìyàwó wa fẹ́ kí àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn òun wọ léèsì kan náà ní àwọ̀ méjì, ẹ́máráádì àti wáìnì, kí gèlè gbogbo wọn sì jẹ́ aṣọ òkè aláwọ̀ góòlù. Oníkálukú ló máa yan tiẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, torí ara ò dọ́gba: wáìnì máa ń gba àwọn kan dáadáa, àwọn míì sì ní ẹ́máráádì làwọn lè tún wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fún èèyàn láyè láti yan, ẹ ti fún un láyè láti pẹ́ nìyẹn. Àwọ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Àwọ̀ méjì, ó di kí n bi ọ̀rẹ́ mi léèrè, kí n bi ọkọ mi léèrè, kí n wo ohun tí lágbájá mú ná.

Ọjọ́ tí ẹ máa fún wọn kò sí lọ́wọ́ yín rárá. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta léèsì, ẹni tó ń hun aṣọ òkè, àti télọ̀. Ẹ lọ bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí gúrúùpù, kí ẹ wá máa kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Tiwa bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Kejìlá. Ẹ mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí fún télọ̀. Aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ Kérésìmesì, aṣọ òkú àgbà tí wọ́n sún sí ìparí ọdún kí àwọn ará òkè òkun lè wálé, gbogbo rẹ̀ á wọ́ jọ sórí máṣíìnì kan. Télọ̀ tí púpọ̀ nínú wa ń lò sọ ọ́ gbangba pé léèsì tí kò bá dé ọwọ́ òun títí di 15 oṣù Kọkànlá, òun ò ní gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko nìyẹn. Mi ò bá a jiyàn, torí léèsì olókùúta kì í yá rán: wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ yọ òkúta kúrò lójú ọ̀nà abẹ́rẹ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ rán an pọ̀, wọ́n á fi láínìn sí i, wọ́n á wọ̀ ọ́ wò fún aláṣọ, wọ́n á tún un ṣe.

Kí léèsì tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ dé ọwọ́ oníkálukú. Mo fún pípín ní ọ̀sẹ̀ kan, torí àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan ní Iléṣà, àwọn kan sì ń dúró de ẹni tó máa bá wọn gbé e wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ìyẹn ni pé aṣọ gbọ́dọ̀ ti pé lọ́wọ́ mi ní 8 oṣù Kọkànlá. Ahunṣọ wa ní Ìsẹ́yìn ní òun nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ọjọ́ tí òun bá ti mọ iye gèlè. A ti dé 18 oṣù Kẹwàá nìyẹn. Oníléèsì wa ní Gbági ló wá ní tiẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn: ó bá wa ya ogún-ogún sọ́tọ̀ nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ní bí òun ò bá rí owó títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹwàá, òun á tà á fún ẹni tó ti ń béèrè rẹ̀. Mo yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún owó tó bá há sí báǹkì. Bí ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Kẹwàá, aago mẹ́jọ alẹ́, ṣe di ọjọ́ wa nìyẹn.

Mo kéde rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí owó oṣù lè bọ́ sáàárín. Bí ẹ bá fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní ọ̀sẹ̀ kan ní àárín oṣù, ẹ ò fún un ní nǹkan kan. Bí ẹ bá sì fún un ní oṣù méjì, ó máa gbàgbé pé ẹ sọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí ọjọ́ náà ò ṣeé sún? Ọ̀pọ̀ ló gbà pé aṣọ wà lọ́jà, pé ẹni tó bá pẹ́, a kàn máa tún padà lọ bá a mú kan ni. Ọjọ́ tí oníléèsì yẹn ṣàlàyé fún mi ni mo tó rí ìdí rẹ̀ fúnra mi. Ó tẹ́ ẹ́máráádì méjì sílẹ̀ lórí káńtà: òdòdó kan náà, òkúta kan náà, nọ́ńbà kan náà lára páálí, ṣùgbọ́n wọn ò wọlé nígbà kan náà, wọn ò sì rẹ wọ́n nígbà kan náà. Lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan ni wọ́n. Ó ní kí n gbé wọn jáde sínú oòrùn. Ní ìta, aró díẹ̀ wà nínú ọ̀kan, èkejì ń fà sí ewé. Ó wá yí ẹ̀yìn wọn padà. Òwú tí wọ́n fi ya òdòdó ń dán, dídán rẹ̀ ń tan ojú jẹ. Àwọ̀n tí wọ́n ya òdòdó náà sí kì í dán, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn gedegbe. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn léèsì ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ti aṣọ òkè tún le ju ìyẹn lọ. Ahunṣọ kì í hun gèlè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ta òwú gígùn lọ sí iwájú rẹ̀ gbalaja, ẹrù tó wúwo á fà á le níkangun, á wá jókòó ti òfì, á máa hun ojú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ ò ju ti àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bó bá hun ún tán, wọ́n á gé e ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, wọ́n á wá rán wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí á fi fẹ̀ tó gèlè. Iye gèlè tí ẹ bá sọ ló máa pinnu bí òwú tó máa tà ṣe máa gùn tó, àti iye òwú góòlù tó máa rà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tó ti ta òwú, afi kó tún ta òmíràn fún un, pẹ̀lú òwú tó rà lọ́jọ́ mìíràn. Gèlè ẹyọ kan yẹn á wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa, kò sì dájú pé góòlù rẹ̀ á bá tiwọn mu.

Mo ti lọ síbi ìgbéyàwó kan tí wọ́n ti gba gbogbo ẹni tó pẹ́ wọlé. Wáìnì àwọn tó kọ́kọ́ san jinlẹ̀, ti àwọn tó pẹ́ pọ́n fòò. Nígbà tí wọ́n tò fún fọ́tò, ayafọ́tò rọra ń kó àwọn tí aṣọ wọn pọ́n lọ sí ẹ̀yìn, kí àwòrán lè dára. Ìyá àgbàlagbà kan wà lára wọn. Owó kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá náà, ẹ̀yìn ni wọ́n wá fi í sí. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ìyá yẹn lẹ́yìn ọjọ́ rò pé òun ń ṣàánú ni.

Kí èèyàn tó lè mú àwọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Mo gbé léèsì méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà wa ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ti ta sí i gan-an, mo tẹ́ bébà funfun sábẹ́ etí wọn, mo ya wọ́n pọ̀ sínú fọ́tò kan. Bébà funfun yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù: bí bébà bá pọ́n bíi bọ́tà lójú fóònù yín, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ aṣọ tí ẹ ń rí kì í ṣe òótọ́. Mo tún ṣe fídíò kékeré kan tí mo ti ń gbọn léèsì náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí àwọ̀ léèsì máa ń yí bí ó bá ń mì. Kò sí fílítà kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, àǹtí kan kọ̀wé pé òun ò fẹ́ ewé gbígbẹ tí mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí a sọ̀rọ̀, ó hàn pé fóònù rẹ̀ ló ti bọ́ sí ìmọ́lẹ̀ alẹ́, èyí tó máa ń sọ gbogbo ojú rẹ̀ di yẹ́lò kó má baà dun ojú. Ó pa á, ó tún wò ó, ó sì mú ẹ́máráádì. Nítorí náà mo fi gbólóhùn kan kún un lábẹ́ fọ́tò: ẹ wò ó lọ́sàn-án. Àwọn tó wà nítòsí, mo gé etí léèsì méjèèjì tí ọlọ́jà fún mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, mo gbé e lọ bá wọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́:

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́ ìyàwó wa. Aṣọ ti délẹ̀. Léèsì yáàdì márùn-ún, ₦55,000. Gèlè aṣọ òkè, ₦15,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦70,000.

Àwọ̀ méjì ló wà, ẹ́máráádì àti wáìnì. Ogún péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan.

Ẹ fi nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí èmi nìkan, ẹ má fi í sí gúrúùpù: orúkọ yín, àwọ̀ yín, àti ẹ̀rí pé ẹ ti san ₦35,000. Bí mo bá ti dáhùn pé 'mo ti kọ ọ́,' ó ti di tiyín. Bí ẹ ò bá tíì rí èsì yẹn, ẹ pè mí.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Kẹwàá 2025, aago mẹ́jọ alẹ́ ní Nàìjíríà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́jọ alẹ́ náà ni. Ní Hiúsítìnì, aago méjì ọ̀sán ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa fi iye ránṣẹ́ sí ọlọ́jà àti ahunṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ibi tí a ti lè rí i mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gèlè nìkan, ₦15,000 ni, ọjọ́ kan náà ni. Ẹni tí kò bá lè mú rárá, ẹ wá o. Ẹ wọ aṣọ yín tó bá ní àwọ̀ ewé tàbí wáìnì. Àyè yín wà, oúnjẹ yín wà."

Ẹ wo bí a ṣe kọ ọjọ́ náà. Ọjọ́, déètì, aago, ìlú. Àwọn tó wà ní òkè òkun máa ń sọ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n sì ń sọ òótọ́, ẹni tó kọ "kí ọjọ́ Àìkú tó parí" ló fún wọn láyè. Ìdí tí mo fi sọ ẹni tó ń dúró de iye lọ́wọ́ wa náà wà níbẹ̀: ahunṣọ àti ọlọ́jà. Ìgbà tí èèyàn bá mọ̀ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ló máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kì í rò pé ẹni tó kọ̀wé ló ń ṣe agídí. Gbólóhùn "mo ti kọ ọ́" sì ṣe pàtàkì, torí báǹkì lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tó san án kó má dé ọwọ́ ẹni tó yẹ kó gbà á. Àwòrán ẹ̀rí ìsanwó nìkan ò tó. Mo ń wo àkáǹtì kí n tó kọ orúkọ.

Ó ju ìdajì àwọn tó wà nínú gúrúùpù náà tó jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Mo bẹ ìyá ìyàwó kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, kó kí wọn, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó wá sọ ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ohùn ìyá náà ló kọ́kọ́ dé, tèmi tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, mi ò ní láti le ohùn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ṣé ọjọ́ náà ò lè yẹ̀, mo kàn ń dáhùn pé, "Mọ́mì ti sọ ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa ṣe é."

Mo ṣí ìbò Wásáàpù kan pẹ̀lú, kí ìyàwó lè rí ibi tí ọkàn àwọn èèyàn ń lọ. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ pa "Allow multiple answers" kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn kan á tẹ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbò ra aṣọ. Ẹni tó dìbò lè yí i padà ní ọ̀gànjọ́ òru láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú tiwa, 22 ló tẹ ẹ́máráádì, 13 tẹ wáìnì. Nígbà tí owó wọlé tán, 17 ló mú ẹ́máráádì, 14 ló mú wáìnì. Bí mo bá ti gbé iye ìbò lọ sí Gbági, ẹ́máráádì márùn-ún ni kò ní lólówó, wáìnì kan sì máa dín.

Mo kọ̀ fún wọn láti máa to orúkọ fúnra wọn nínú gúrúùpù. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ: ẹni kan á kọ nọ́ńbà kìíní, ẹnìkejì á da á kọ, á fi tiẹ̀ kún un. Bí ẹni méjì bá da á kọ lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ ọ̀kan á pòórá nínú àtẹ tó tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí aṣọ á fi dé. Ìwé kan ló wà lọ́wọ́ mi, èmi nìkan ló ń kọ ọ́. Ní alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń gbé orúkọ àwọn tó ti san jáde, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tó kù: "Ẹ́máráádì ku mẹ́fà, wáìnì ku mọ́kànlá." Iye tó kù yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí ìránnilétí ò lè ṣe. Orúkọ ẹni tí kò tíì san, mi ò kọ ọ́ rí, mi ò sì ní kọ ọ́ láé. Ìtìjú owó kì í ṣe ohun tí à ń gbé ka iwájú ogójì èèyàn.

Àwọn tó dákẹ́ pín sí ọ̀nà méjì. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀, ẹ wá "Message info," ẹ ó rí ẹni tó ti kà á àti ẹni tó kàn dé orí fóònù rẹ̀. Ẹni tí kò tíì kà á, mo pè é. Ìyá kan nílé wa ní Iléṣà, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló fi í sínú gúrúùpù, kò sì ṣí i rí. Wáìnì ló mú lórí fóònù kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ti kà á tó dákẹ́ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba sùúrù. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ni. Bí ẹ bá bi í pé "Àǹtí, àwọ̀ wo lẹ mú?" ẹ ti há a mọ́ àárín, torí kò sí ibi tó ti lè sọ pé kò sí. Ohun tí mo ń kọ ránṣẹ́ sí oníkálukú wọn ni: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé kí n kọ yín sí ẹ́máráádì, tàbí wáìnì, tàbí gèlè nìkan, àbí kí n fi yín sílẹ̀ nínú ti aṣọ lọ́tẹ̀ yìí? Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ó dára." Èsì wọn máa ń yá. Àwọn mẹ́rin ló mú gèlè nìkan, inú wọn sì dùn. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ti ń ronú bí òun ò ṣe ní wá rárá.

Ẹni tó bá ti san lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà kí ọjọ́ tó pé, bí àwọ̀ kejì bá ṣì kù. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ, kò sí yíyí. Èyí náà gbọ́dọ̀ ṣe kedere, torí àwọn kan máa ń rò pé ọjọ́ kan wà fún sísan, ọjọ́ mìíràn sì wà fún ìpinnu.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, mo fi ìkíni kan ránṣẹ́ lẹ́yìn ìsìn, òmíràn ní aago márùn-ún. Ibẹ̀ ni púpọ̀ ti san. Ní aago mẹ́jọ, mo kọ "A ti pa ìwé dé, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe tiyín náà," mo sì yí gúrúùpù sí pé alámòójútó nìkan ló lè kọ̀wé títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ yẹn dára. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni kan á bẹ̀bẹ̀ ní gbangba, ẹlòmíràn á gbè é lẹ́yìn, kó tó di ọ̀gànjọ́ gbèdéke ti tú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo fi iye ránṣẹ́: ẹ́máráádì 18, wáìnì 15, gèlè 36. Nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ju iye ẹni tó san lọ. Gèlè náà fi ẹyọ kan lé. Ìyàwó ló sanwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí télọ̀ lè ba aṣọ jẹ́, ojú ọ̀nà sì lè gbé ẹrù mì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gúrúùpù tó mọ̀ pé wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Ahunṣọ ta òwú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tó fún wa.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n kan pè mí. Ẹni tí mo fẹ́ràn gan-an ni. Ó ní, "Àbúrò, owó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, fi mí sí ẹ́máráádì." Mo ní, "Ẹ má bínú mà. A ti fi iye ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí." Ó ní ẹyọ kan ò lè ṣe nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá mú tiyín, mo gbọ́dọ̀ mú ti àwọn yòókù, wọn ò sì ní jọra. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ẹ̀yìn nínú fọ́tò." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó dáa. A jọ wo inú àpótí rẹ̀ lórí fídíò, ó mú léèsì wáìnì kan tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ jáde, a sì gbà pé òun náà ló máa wọ̀. Iwájú ló jókòó lọ́jọ́ náà pẹ̀lú wa.

Aṣọ pé ní 8 oṣù Kọkànlá bí a ṣe fẹ́. Kí n tó gbé ìkankan jáde, mo tú gbogbo ẹ́máráádì sí ìta, mo yí ẹ̀yìn wọn sókè, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún wáìnì. Mo wọn yáàdì wọn, torí léèsì máa ń dín níbi tí wọ́n ti gé e. Ẹni tó bá san ìdajì tó kù ló ń gbà tiẹ̀, mo sì gbé ìṣirò gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde síwájú gúrúùpù ní alẹ́ ọjọ́ tí mo pín èyí tó kẹ́yìn.

Nígbà tó yá, télọ̀ kan ní Èkó gé ọrùn wáìnì ọ̀rẹ́ ìyàwó kan kọjá ààlà, kò sì ṣeé tún ṣe. Ọ̀rẹ́ náà pè mí, ó ń sunkún. Wáìnì tó kù lẹ́yìn wà nínú wọ́ọ̀dù mi pẹ̀lú páálí rẹ̀, láti inú ìdì kan náà. Mo fi ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ kejì, télọ̀ náà sanwó rẹ̀, a dá owó yẹn padà fún ìyàwó.